Ẹnu Ẹ̀gbọ́n Ni Ọ̀rọ̀ Mi Ń Gbà Jáde

Èmi náà pàtẹ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni ojú ti kọ́kọ́ tì mí. Mo jókòó sórí àga onírọ́bà ní bírò wa, ibi iṣẹ́ wa ní Pobè, mò ń gbọ́ tí ẹlòmíràn ń sọ èrò tó ti inú orí tèmi jáde. Faransé tó dán ló fi ń sọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ kan ń fò sókè, ó ní, "Mo ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí títí." Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Èmi náà pa tèmi, mo tún rẹ́rìn-ín sí i. Háà, ọmọ ènìyàn! Ta ló ń já ẹni lólè tí ẹni ń kí i kú iṣẹ́?

Iṣẹ́ wa ni láti máa ran ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń yan gààrí lọ́wọ́, ní àwọn abúlé tó yí Pobè àti Sakété ká. Àwa méjì là ń lọ bá wọn lábúlé, èmi àti ọkùnrin yìí. Ó jù mí lọ dáadáa, ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà kí n tó dé, ewú sì ti ń yọ ní ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ni mò ń pè é, àbúrò ló ń pè mí. Ọ̀gá wa, tí gbogbo wa ń pè ní Màdáàmù, ọmọ Kútọnu ni. Fọ̀n ló ń sọ nílé rẹ̀, Faransé ló ń bá wa sọ ní bírò, kò sì gbọ́ ju ìkíni lọ nínú èdè Nàgó tiwa.

Sakété ni èmi àti ẹ̀gbọ́n ń gbé. Òun ní alùpùpù, èmi ò ní. Láàárọ̀, á dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, á fun fèrè, èmi á sì gùn ún lẹ́yìn rẹ̀ dé Pobè. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi rí. Ẹ rántí èyí o, kí ẹ tó máa bi mí pé kí ló ń ṣe mí tí mi ò tètè la ẹnu. Ẹni tó ń gbé ọ lọ síbi iṣẹ́, tó ń gbé ọ bọ̀, ẹnu wo lo fẹ́ fi pè é ní olè? Lẹ́yìn alùpùpù yẹn ni mo ti ń ro èrò mi sí i létí. Atẹ́gùn á máa gbé gèlè mi, èmi á na ọrùn síwájú, mà á máa pariwo pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò wá rí i pé..." Òun á kàn máa mi orí.

Mi ò ní purọ́, èmi fúnra mi ni mo kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ mi lé e lọ́wọ́. Ìpàdé àwọn obìnrin kì í kún nígbà yẹn. A máa ń pè wọ́n wá sí Pobè láàárọ̀, àwọn mélòó kan á wá, wọ́n á máa wo ojú oòrùn, ọkàn wọn á wà nílé. Màdáàmù rò pé wọn ò ka iṣẹ́ náà sí. Èmi tí wọ́n bí sí ìdí àgbada gààrí ní Aguidi mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó ń rin ẹ̀gẹ́ kò ráyè, èyí tó ń yan kò lè dìde nídìí iná. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀gẹ́ bá ti wọ inú àpò, tí wọ́n ti gbé òkúta lé e, tí omi rẹ̀ ń ro, kò sí ẹni tó lè kánjú rẹ̀. Wọ́n á jókòó, wọ́n á máa dirun, wọ́n á máa ṣòfófó. Mo ní ìgbà yẹn ló yẹ ká lọ bá wọn, níbi tí wọ́n ti ń fún ẹ̀gẹ́ gan-an, dípò ká máa pè wọ́n wá.

Mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n lójú ọ̀nà, mo sì ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e kalẹ̀ níwájú Màdáàmù."

Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Nílé wa ní Aguidi, ọmọdé kì í dìde gbé ọ̀rọ̀ ka iwájú àgbà. Bí mo bá ń fẹ́ nǹkan lọ́wọ́ bàbá mi, àbúrò rẹ̀ ni mà á wí fún. Òun á wọlé lọ, á jókòó, á ní, "Ọmọ yín obìnrin ló rán mi sí yín o." Bàbá mi á gbọ́, á sì dá èsì padà fún mi gba ẹnu kan náà. Àgbà ló ń gbé ọ̀rọ̀ ọmọdé wọlé, kò sì sí ìgbà kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ ẹni tó ni ọ̀rọ̀. Ohun tí mo gbé lọ sí bírò nìyẹn, èmi òpè. Mo rò pé gbogbo ilé ayé ni Aguidi.

Ó gbé e kalẹ̀ lóòótọ́. Ó gbé e kalẹ̀ ju bí èmi ì bá ṣe gbé e lọ. Ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ló yọ sílẹ̀: "Mo ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí títí." Èmi, tí mo ń dúró de "àbúrò mi ló rán mi," mo dúró títí ó fi jókòó. Mo ní bóyá ó gbàgbé ni.

A bẹ̀rẹ̀ sí lọ bá àwọn obìnrin nídìí àpò ẹ̀gẹ́ wọn, ìpàdé sì kún. Kí ni mo tún ṣe? Mo tún sọ òmíràn fún un. Mo ní ká yé mú olùkọ́ wá láti Kútọnu, pé obìnrin tó mọ gààrí yan ní Towé ni kó lọ kọ́ àwọn tó wà ní Aguidi, torí wọ́n á gbọ́ ara wọn lédè, wọn ò sì ní tijú láti bi í ní ìbéèrè. Ẹ̀gbọ́n mi orí lórí alùpùpù. Nígbà tó di ìpàdé, "Èrò kan wá sí mi lọ́kàn." Màdáàmù kọ ọ́ sílẹ̀, ó fa ìlà sí i nídìí. Ó di ẹ̀ẹ̀kejì, mo wá mọ̀ pé kì í ṣe ìgbàgbé mọ́.

Èyí tó wá dùn mí jù ni ti ìyá mi. Àwọn obìnrin Aguidi ti sọ fún un pé ọkùnrin kan láti Pobè ló tún ètò ìpàdé ṣe, òun ló sì ní kí àwọn ará Towé wá kọ́ wọn. Mo lọ kí i lọ́jọ́ kan. Ẹsẹ̀ ìyá mi kì í jẹ́ kó rìn jìnnà mọ́, torí náà bí mo bá dé, gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti kó jọ ló máa ń rọ́ fún mi.

Ó ní, "Ọkùnrin tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ yẹn gbọ́n o. Máa tẹ̀lé e lẹ́yìn dáadáa. Ẹni tó bá ń bá ọlọ́gbọ́n rìn, ọgbọ́n á ràn án."

Mo ní, "Ẹ ṣé, Ìyá mi."

Ó tún di kẹ̀ẹ́gì epo pupa kan fún mi. Ó ní kí n bá òun fi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, pé ó ń tọ́ mi sọ́nà. Epo tí obìnrin tí orúnkún ń dùn fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún! Mo gbé kẹ̀ẹ́gì náà lé itan lẹ́yìn alùpùpù rẹ̀, mo gbé e fún un, ó ṣàdúrà fún ìyá mi gan-an. Mo wọ ilé mi, mo jókòó sórí ibùsùn, mi ò tilẹ̀ lè sunkún. Ìtìjú ló gba gbogbo ara mi, bí ẹni pé èmi ni mo jalè.

Kò pẹ́ sí i ni Màdáàmù sọ fún wa pé wọ́n fẹ́ la bírò kékeré kan sí Sakété, pé ọ̀kan nínú àwa méjèèjì ni yóò máa darí rẹ̀. Ó ní òun ń fẹ́ ẹni tó ń ronú, ẹni tó ń mú ohun tuntun wá. Bó ṣe ń sọ ọ́, ojú rẹ̀ wà lára ẹ̀gbọ́n. Ó wò mí díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín sí mi bí a ti ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ tó jẹ́ ọmọ jẹ́jẹ́, ó sì ṣíwèé. Mo mọ ohun tí ipò yẹn jẹ́ fún mi. Aguidi kò jìnnà sí Sakété. Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo lè máa yà lọ wo ìyá mi, mo lè máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láìtọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ẹ̀gbọ́n bá gbà á, Pobè ni mà á ti máa ṣiṣẹ́, n ò sì ní ní alùpùpù tí mà á máa gùn lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Tó bá wá rí bẹ́ẹ̀, èrò orí mi ló fi máa gba ipò náà mọ́ mi lọ́wọ́.

Inú bí mi! Ẹ̀yin tó mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé ẹnu mi mú. Bí mo bá ń fọ abọ́, mà á máa bú u. Mo bú ọ̀rọ̀ Faransé rẹ̀, mo bú ọwọ́ tó ń jù sókè. Àgbàyà! Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, òun wà níbẹ̀, òun ló tún ń wọ́ ọ. Mo pinnu pé lọ́jọ́ ìpàdé tó ń bọ̀, mà á dìde, mà á pariwo olè lójú gbogbo ayé, kí ó bàjẹ́ tán pátápátá.

Ṣùgbọ́n bí ìbínú náà ti ń lọ sílẹ̀, mo bi ara mi pé lẹ́yìn ariwo ńkọ́? Èdè wa ni ìbínú mi ń sọ, Màdáàmù kò ní gbọ́ ọ. Ohun tó máa rí kò ní ju ọmọdé tó ń nàka sí àgbà lójú. Gbogbo ilé á sáré bẹ̀ mí, wọ́n á ní kí n kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì, mà á sì kúnlẹ̀, torí pé mo gbé ohùn sókè sí i. Báyìí ni olóhun á ṣe di ẹlẹ́bi. Ohùn pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò, ohùn líle ní í yọ ọfà lápó. Obì ni mo ń wá, kì í ṣe ọfà.

Mo dúró de ọjọ́ kan tí àwọn yòókù lọ jẹun ọ̀sán. Àwa méjèèjì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bírò, ó ń já ẹ̀kọ jẹ pẹ̀lú ata díndín. Mo jẹ́ kó jẹ ẹ́ tán.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ní ọ̀rọ̀ kan, ẹ má bínú. Ẹ rántí ti ìpàdé ìdí àpò ẹ̀gẹ́, ẹ rántí ti àwọn ará Towé tó lọ kọ́ ará Aguidi. Èmi ni mo sọ ọ́ fún yín lójú ọ̀nà."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

Mo ní, "Mo rán yín níṣẹ́, ẹ sì jẹ́ ẹ dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ kò sọ ẹni tó rán yín. Màdáàmù rò pé mi ò ní nǹkan kan nínú orí. Ó dùn mí. Ìyá mi gan-an rò pé ẹ̀yin lẹ ń ronú fún mi."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. Ó ní, "Àbúrò, ṣé nítorí èyí lo fi fajú ro láti àárọ̀? Ọ̀kan náà kọ́ ni wá? Iṣẹ́ bírò ni, kò sí tèmi tìrẹ níbẹ̀."

Ẹ wo irú ọ̀rọ̀! Nígbà tí ìyìn bá dé, tirẹ̀ ni. Nígbà tí a bá bi í, ti gbogbo wa ni. Ahọ́n mi fẹ́ já ìjánu. Mo gbé e mì. Mo ní, "Ọ̀kan náà ni wá lóòótọ́, ẹ̀gbọ́n. Nǹkan méjì péré ni mo ń tọrọ. Bí ó bá jẹ́ tèmi, ẹ sọ pé tèmi ni, tàbí kí ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́. Bí Faransé mi bá ta kókó, ẹ bá mi tú u."

Ó ní, "Mo ti gbọ́." A jọ gun alùpùpù lọ sílé nírọ̀lẹ́. Mo ṣe ohun tó tọ́, mo mọ̀. Kí ló wá dé tí ojú fi ń tì mí? Torí pé mo bi àgbà ní ìbéèrè ni. Ẹ̀kọ́ ilé kì í mọ ìgbà tó yẹ kó fi ènìyàn sílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, mo yé sọ èrò mi lẹ́yìn alùpùpù. Bí mo bá ní èrò, mà á kọ ọ́ ní ìlà mẹ́ta sí WhatsApp bírò wa, níbi tí gbogbo wa ti ń kà á, Màdáàmù pẹ̀lú. Faransé mi kò dán, ṣùgbọ́n ó ń rìn.

Èyí tí mo kọ́kọ́ kọ síbẹ̀ ni ti àwọn oníṣòwò láti Nàìjíríà. Wọ́n máa ń wá ra gààrí lọ́wọ́ àwọn obìnrin wa. Àwọn kan ń fẹ́ èyí tó kan dáadáa, àwọn kan ò fẹ́ kíkan rárá, àwọn obìnrin wa sì ń da gbogbo rẹ̀ pọ̀, ni wọ́n bá ń já owó rẹ̀ sílẹ̀. Mo ní ká yà wọ́n sọ́tọ̀: àwọn àpò kan á pẹ́ nídìí òkúta kí ẹ̀gẹ́ inú wọn lè kan, àwọn kan ò ní pẹ́, a ó sì máa tà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mo fi ránṣẹ́ lọ́sàn-án. Lọ́jọ́ kejì, àwọn àlejò dé láti Àjàṣẹ́, àwọn tó ń fi owó ran iṣẹ́ wa lọ́wọ́, a sì mú wọn lọ sí Towé, sábẹ́ àtíbàbà tí àwọn obìnrin ti ń fún ẹ̀gẹ́.

Àlejò kan bèèrè pé kí la fẹ́ ṣe tó kàn. Ẹ̀gbọ́n dìde. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ sókè, mo sì ti mọ̀.

Ó ní, "Mo ti ń ronú nípa àwọn oníbàárà wa láti Nàìjíríà."

Háà! Lẹ́yìn gbogbo ohun tí a sọ! Ọ̀rọ̀ tó wà lórí fóònù gbogbo ayé! Ẹ̀jẹ̀ gun orí mi. Àwọn obìnrin Towé gbọ́ Nàìjíríà nínú Faransé rẹ̀, wọ́n ń wò mí, torí mo ti bi wọ́n léèrè lórí ọ̀rọ̀ náà lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n sì mọ ẹni tó bi wọ́n. Ọ̀kan gbá èkejì ní ìgbúnwọ́. Ojú tì mí fún ara mi, ojú tún tì mí fún òun náà. Mo ní nínú mi pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo jẹ́ kó dé ibi tó ti mí kanlẹ̀, mo na ọwọ́, mo dìde.

Mo ní, "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n, tí ẹ bá mi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Èrò tí mo kọ ránṣẹ́ sí gbogbo wa lánàá nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kù, torí àwọn ìyá wa tó wà níbí ló jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n." Mo rọra sọ ọ́, mo fi ẹ̀rín sí i, mi ò wò ó ní ìwò ìjà.

Ó jókòó. Mo sọ̀rọ̀. Faransé mi kọsẹ̀, ó dìde, ó tún kọsẹ̀. Màdáàmù bèèrè pé báwo ni wọn ò ṣe ní da àpò tó ti pẹ́ pọ̀ mọ́ èyí tí kò pẹ́. Mo ní wọ́n á so àkísà pupa mọ́ ẹnu èyí tó ń pẹ́, funfun mọ́ èkejì. Mo nàka sí ìyá kan, mo ní ìyá yìí ló ní kí a fi àkísà ṣe é, kì í ṣe èmi. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ìyá náà, ó sì fi ìró bojú rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí àwọn àlejò ń wọ ọkọ̀, Màdáàmù fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Mo ka ohun tí o kọ lánàá. Nígbà tó dìde, mo ń wò ọ́, mo fẹ́ mọ̀ bóyá o máa sọ̀rọ̀." Ó tún béèrè, "Àwọn tí a ti ń ṣe látẹ̀yìn wá ńkọ́? Tìrẹ náà ni?"

Àyè rèé láti ba tirẹ̀ jẹ́ pátápátá. Mo ní, "Ìpàdé ìdí ẹ̀gẹ́ àti ti àwọn ará Towé, èmi ni mo ronú kàn wọ́n, èmi ni mo sì ní kó bá mi sọ èyí àkọ́kọ́. Èyí tó kù, ẹ bi òun fúnra rẹ̀. Ó mọṣẹ́, àwọn obìnrin fẹ́ràn rẹ̀, mi ò fẹ́ ba orúkọ rẹ̀ jẹ́."

Ó ní, "Mo rò pé kò sí nǹkan kan lọ́kàn rẹ. Orúkọ rẹ̀ ni mo ti fẹ́ fi ránṣẹ́ fún Sakété. Kí ló dé tí o ò fi sọ̀rọ̀?" Mo wolẹ̀. Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé mo ń dúró kí àgbà dá orúkọ mi? Lójú rẹ̀, gbogbo sùúrù mi kò yàtọ̀ sí ìmẹ́lẹ́.

Lójú ọ̀nà Sakété lọ́jọ́ náà, ẹ̀gbọ́n pa alùpùpù lẹ́bàá oko ọ̀pẹ kan. Ó sọ̀ kalẹ̀, kò wojú mi.

Ó ní, "Ìgbà àkọ́kọ́ yẹn, ó wà lẹ́nu mi láti dá orúkọ rẹ. Ẹnu mi ní 'mo ronú', àtẹ́wọ́ sì dún. Gbogbo ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọn ò pàtẹ́wọ́ fún mi rí. Nígbà tí mo délé, mo ní lọ́la ni mà á sọ. Lọ́la dé, ojú tì mí láti dá a padà. Bí mo ṣe ń mú òmíràn sí i, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí mà á dá padà ń pọ̀ sí i. Tòní yìí, àwọn àlejò ni mo rí, ẹnu mi sì tún sáré."

Mo ti tọ́jú èébú tó lè kún agbọ̀n, gbogbo rẹ̀ sì sá lọ. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká máa lọ, òjò ń bọ̀." A lọ.

Lẹ́yìn èyí ni Màdáàmù pe gbogbo wa jọ ní bírò ní Pobè, àwọn olórí ẹgbẹ́ obìnrin Towé àti Aguidi pẹ̀lú. Ó ní èmi ni mà á máa darí Sakété. Kí n tó dúpẹ́, ẹ̀gbọ́n dìde. Ó ní òun ní iṣẹ́ tí wọ́n rán òun tí òun kò jẹ́ parí. Ó sọ ọ́ ní Faransé, ó tún un sọ ní Nàgó kí àwọn ìyá lè gbọ́. Ó ní, "Àbúrò mi yìí ló rán mi." Ó kà wọ́n: ìpàdé ìdí àpò ẹ̀gẹ́, tirẹ̀ ni, àwọn ará Towé tó ń kọ́ ará Aguidi, tirẹ̀ ni. Ewú orí rẹ̀ ń dán, àwọn obìnrin tó máa ń kúnlẹ̀ kí i ń wò ó. Èmi ni mo ń bẹ Ọlọ́run nínú mi kó jókòó. Ohun tí mo ń fẹ́ láti ọjọ́ yìí ló dé, kò sì sí adùn kankan nínú rẹ̀.

Kò jókòó. Ó ní, "Ti ibi ìdáná tí a kọ́ sí Aguidi, sí ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ, tí èéfín kò fi wọ ojú àwọn ìyá mọ́, tirẹ̀ náà ni."

Irọ́ ni. Tirẹ̀ ni ìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló fi eérú ṣe ìdánwò ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, èmi ò tilẹ̀ sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó fẹ́ san án lé ni, ó fẹ́ tún un ṣe ju bó ti bà á jẹ́ lọ. Gbogbo ilé yí ojú sí mi. Ìyá mi ni ojú rẹ̀ máa ń ṣomi nítorí èéfín, ìyá mi ni mo rò, mo rò bó ṣe máa gbọ́ ọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Olórí ẹgbẹ́ Aguidi dìde, ó wá dì mọ́ mi, ó ń súre fún inú tó bí mi. Mo mọ̀ pé kí n la ẹnu. Ẹnu mi kò là. Mo jókòó, mo sì ń rẹ́rìn-ín.

Àtẹ́wọ́ ti parí pátápátá, ìyá náà ti padà sí àyè rẹ̀, kí n tó dìde. Mo ní, "Ti ibi ìdáná kì í ṣe tèmi. Ẹ̀gbọ́n ló ṣe é." Ohùn mi kéré débi pé Màdáàmù ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, èmi náà pa tèmi, mo sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ó tẹ̀ sí etí mi. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ rárá. Ó rọra béèrè ni, bí ẹni ń béèrè àlàáfíà.

Ó ní, "Àtẹ́wọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ó dùn, àbí?"

Mo ní, "Ó dùn, ẹ̀gbọ́n." Mi ò lè gbójú sókè wò ó.